Ìwé Gígùn Lórí Ojú Fóònù Kékeré: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹ Tò Kí Ọkọ̀ Tó Gbéra

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ètò tòní máa dáhùn. Olùgbọ́ wa kan tó ń wọ bọ́ọ̀sì BRT láti Ìkòròdú lọ sí CMS láràárọ̀ ló fi í ránṣẹ́. Ó ní òun fẹ́ràn ìwé gígùn, irú èyí tó máa ń gba oṣù kan kí èèyàn tó parí rẹ̀, àmọ́ fóònù nìkan ló rọ òun lọ́rùn láti mú dání nínú ọkọ̀. Ó ti bẹ̀rẹ̀ ìwé mẹ́ta, kò parí ọ̀kankan. Ó wá ń béèrè bóyá ojú fóònù ló kéré jù, àbí òun ni kò ní sùúrù mọ́.

A ní kó ya àwòrán ojú fóònù rẹ̀ fún wa. PDF ni ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà, kò sí nínú sùúrù rẹ̀.

Ìdí tí PDF fi ń rẹ ojú

Iṣẹ́ PDF ni láti tọ́jú ojú ìwé gẹ́lẹ́ bí ẹni tó ṣètò rẹ̀ ṣe fi í sílẹ̀. Ìlà kọ̀ọ̀kan ti mọ ibi tó máa dúró sí, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sì ti mọ bó ṣe máa tóbi tó. Ìyẹn dára fún fọ́ọ̀mù àti rìsíìtì. Àmọ́ bébà A4 fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 21, nígbà tí ojú ọ̀pọ̀ fóònù fẹ̀ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 7. Kí ojú ìwé náà tó lè wọlé, gbogbo rẹ̀ ní láti súnkì di ìdá kan nínú mẹ́ta. Lẹ́tà tó tóbi dáadáa lórí bébà á wá dà bí èèrà. Tí ẹ bá fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́, apá kan ìlà á jáde kúrò lójú fóònù, ẹ ó sì máa fà á lọ sọ́tùn-ún, ẹ ó máa fà á bọ̀ wá sósì, ìlà kan tẹ̀ lé òmíràn. Ẹ lè fara da ìyẹn fún ojú ìwé méjì. Ta ló lè fara dà á fún ẹgbẹ̀rún kan, pàápàá nínú ọkọ̀ tó ń bọ́ sí kòtò?

EPUB yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ dà bí omi: igbá tí ẹ bá bù ú sí ló máa gba ìrísí rẹ̀. Ẹ sọ lẹ́tà di ńlá, ìlà á tún ara rẹ̀ tò kó lè bá ojú fóònù mu, kò sí ohun tó máa jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wo irú fáìlì tó wà lọ́wọ́ yín kí ẹ tó máa wá áàpù kiri. Áàpù tó dára jù lọ láyé kò lè sọ PDF tó le gbagidi di ohun ìrọ̀rùn. Òótọ́ ni pé KOReader lè gé ojú ìwé PDF sí wẹ́wẹ́ kó sì tún un tò, ó sì máa ń ṣe é dáadáa nígbà míì. Àmọ́ tí ìwé náà bá ní òpó méjì tàbí àtẹ, ọ̀rọ̀ á dàrú.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan. Àwọn kan máa ń fi ẹ̀rọ yí PDF padà sí EPUB láìtún un ṣe. Ẹ máa dá a mọ̀ tí gbólóhùn bá já ní àárín tó bọ́ sí ìlà tuntun, tàbí tí ẹ bá rí nọ́ńbà ojú ìwé tó dá dúró sáàárín ìpínrọ̀. Ẹ ṣí ibi mẹ́ta nínú ìwé náà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ló rí, ẹ wá ẹ̀dà mìíràn.

Ẹ jẹ́ ká fi ìwé kan ṣe àpẹẹrẹ

Ìwé tí a mú fún olùgbọ́ wa ni `The Count of Monte Cristo` ti Alexandre Dumas. Kò sí ẹni tó ní ẹ̀tọ́ oníwèé lórí rẹ̀ mọ́, ọ̀fẹ́ sì ni ní `gutenberg.org/ebooks/1184`. Nínú oríṣi fáìlì tí ẹ máa rí níbẹ̀, èyí tí wọ́n kọ `EPUB3` sí lara ni kí ẹ mú.

Ìwé náà tó nǹkan bíi 460,000 ọ̀rọ̀, orí rẹ̀ sì jẹ́ 117. Tí èèyàn bá ń ka 200 ọ̀rọ̀ ní ìṣẹ́jú kan, orí kan á gba nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú. Olùgbọ́ wa ní nínú gbogbo ìrìn àjò òun, 40 ìṣẹ́jú péré lòun máa ń rí ìjókòó tó fara balẹ̀ ní àlọ, 40 ní àbọ̀. Orí méjì ní àlọ, méjì ní àbọ̀, 20 ní ọ̀sẹ̀ iṣẹ́ kan. Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó pé, ó ti parí. Kì í sì í ṣe kòńgẹ́ pé orí ìwé náà bá ìrìn ọkọ̀ mu bẹ́ẹ̀. Inú ìwé ìròyìn ni Dumas ti kọ́kọ́ gbé ìtàn náà jáde, díẹ̀díẹ̀, láti 1844 sí 1846. Wọ́n kọ ọ́ fún ẹni tó máa kà á lónìí, tó máa dúró de ìyókù.

Fún fóònù Android, ReadEra la ní kó gbà wálẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, kò ní ìpolówó, kò sì nílò dátà tí ìwé bá ti wà lórí fóònù. Ohun mẹ́rin la tò.

Àkọ́kọ́ ni bí lẹ́tà ṣe tóbi tó. Ẹ máa sọ ọ́ di ńlá títí ìlà kan á fi gba nǹkan bí 40 lẹ́tà, ìyẹn bí ọ̀rọ̀ méje. Tí ìlà bá gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, lẹ́tà ti kéré nìyẹn, tí ọkọ̀ bá sì fò sókè, ojú á ṣi ìlà tó wà. Bí ẹ ṣe tò ó báyìí, ojú fóònù kan á gba nǹkan bí 120 ọ̀rọ̀.

Èkejì, ẹ jẹ́ kí ìlà bẹ̀rẹ̀ lọ́gbọọgba lápá òsì nìkan, kí apá ọ̀tún máa parí síbi tó bá parí sí. Tí ẹ bá fi dandan lé e pé kí apá méjèèjì dọ́gba, áàpù á máa ju àlàfo ńláńlá sáàárín ọ̀rọ̀ nítorí pé ìlà náà kúrú.

Ẹ̀kẹta, ẹ má fi ìka fa ọ̀rọ̀ lọ sókè bí ẹni tó ń wo ìròyìn. Ẹ lo ọ̀nà ṣíṣí ojú ìwé, kí ẹ sì jẹ́ kí bọ́tìnnì tí a fi ń ṣí ohùn sókè àti sísàlẹ̀ máa ṣí i. Ọwọ́ kan á di irin ọkọ̀ mú, àtàǹpàkò ọwọ́ kejì á ṣiṣẹ́.

Ẹ̀kẹrin rèé, ọ̀pọ̀ èèyàn ni kì í mọ̀ ọ́n. Ojú fóònù kan tó ní 120 ọ̀rọ̀ máa gba ìṣẹ́jú àáyá 36 láti kà. Ọ̀pọ̀ fóònù sì ń pa ojú ara rẹ̀ dé lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 30. Ẹ wá nínú ètò áàpù náà ibi tó ti ní kí ojú fóònù má pa dé nígbà tí ẹ bá ń kàwé, kí ẹ sì tàn án.

Tó bá jẹ́ ìwé Yorùbá lẹ fẹ́ kà, ẹ kọ́kọ́ wo bí ọ́ àti ẹ̀ ṣe hàn. Kò sí kóòdù kan ṣoṣo fún lẹ́tà bẹ́ẹ̀. Fóònù ní láti to àmì ohùn lé orí lẹ́tà tó ti ní àmì sábẹ́, kì í sì í ṣe gbogbo irúfẹ́ lẹ́tà ló mọ̀ ọ́n tò. Tí ẹ bá rí àpótí kékeré, tàbí àmì ohùn tó ṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ yàn Noto Serif tó bá wà níbẹ̀. Ìwé ò bàjẹ́.

Ibi tí ẹ dé ni ohun tó níye lórí jù

Ẹ gbàgbé nọ́ńbà ojú ìwé. Monte Cristo yìí á tó 3,800 ojú fóònù bí a ṣe tò ó yẹn, tí ẹ bá sì tún lẹ́tà ṣe, iye náà á yí padà. Orí tí ẹ dé ni kí ẹ máa fi sọ́kàn, nítorí kì í yí padà, ì báà jẹ́ lórí bébà tàbí lórí fóònù.

Ìka tó ṣèèṣì kan ọ̀pá ìsàlẹ̀ lè gbé yín láti orí 40 sí orí 90. Ìdí nìyẹn tó fi dára kí ẹ máa fi àmì síbi tí ẹ dé kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀.

ReadEra ọ̀fẹ́ ń tọ́jú ibi tí ẹ dé sórí fóònù yẹn nìkan. Tí wọ́n bá já a gbà lọ́wọ́ yín lójú fèrèsé, ibi tí ẹ dé ti bá a lọ nìyẹn. Ẹni tí ìyẹn ń dààmú lè gbé EPUB rẹ̀ sókè sínú Google Play Books, tó ń tọ́jú ibi tí èèyàn dé sínú àkáǹtì rẹ̀, tí fóònù mìíràn sì lè bá a lọ láti ibẹ̀. Ewu tirẹ̀ ni pé ẹ lè rí èèpo ìwé nínú àkójọ kí ìwé fúnra rẹ̀ má tíì sí lórí fóònù. Ẹ dán an wò nílé: ẹ pa dátà àti Wáífáì, kí ẹ ṣí àárín ìwé náà. Tó bá ṣí, ẹ máa lọ.

Ṣé ó yẹ kí n ra ẹ̀rọ ìwé kíkà?

Ojú ẹ̀rọ bíi Kindle àti Kobo kì í tan ìmọ́lẹ̀ sójú yín bíi ti fóònù. Ọ̀rọ̀ tó bá ti hàn lórí rẹ̀ á dúró láìjẹ iná, ìgbà tí ẹ bá ṣí ojú ìwé ló máa ń jẹ ẹ́ jù. Nítorí náà bátìrì rẹ̀ ń lo ọ̀sẹ̀, ẹ sì lè kà á nínú oòrùn ọ̀sán. Kobo ń ṣí EPUB tààrà. Kindle ń gbà á nípasẹ̀ `Send to Kindle`, tó máa yí i padà. Àmọ́ ẹrù kejì ni, ọwọ́ méjì sì lọ̀pọ̀ èèyàn fi ń lò ó.

Tó bá jẹ́ ìdúró lẹ máa ń dúró nínú ọkọ̀, ẹ dúró ti fóònù. Tó bá jẹ́ pé ẹ máa ń rí ìjókòó, tí bátìrì fóònù sì ń kú kí ẹ tó délé, ẹ̀rọ náà yẹ yín. Kí ẹ tó náwó, ẹ fi EPUB ka orí mẹ́wàá àkọ́kọ́ lórí fóònù yín ná. Tí ẹ bá kà á tán tí ojú ò ro yín, owó yín ṣì wà lápò.

Ibi tí a máa dúró sí lónìí nìyí. Ẹ kọ̀wé sí wa, kí ẹ sọ ìwé tí ẹ ń kà àti orí tí ẹ dé. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.