Ìtọrẹ àti Ìgbọrẹ: Ohun tí Àdánwò Bàbà ń Sọ nípa Ṣúgà àti Ohun tí Kò Sọ

Ìṣòro tí ó kọ́kọ́ ń dojú kọ ẹni tí ó bá fẹ́ fi èdè Yorùbá kọ́ni ní kẹ́místírì ṣúgà kò sí nínú ṣúgà fúnra rẹ̀. Inú orúkọ ni ó wà. Orúkọ kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pe glukósì àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, tí ó jẹ́ pé bí a bá tú u ní ṣákálá, yóò di ‘ṣúgà tí ń dín nǹkan kù’. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbọ́ èyí yóò béèrè ohun tí ó dín kù, kò sì ní rí ìdáhùn tí yóò tẹ́ ẹ lọ́rùn, nítorí kò sí ohun tí ojú rí pé ó kéré sí i nínú ìgò. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé ṣúgà náà mú ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tirẹ̀, ó sì fi ta ohun mìíràn lọ́rẹ. Nítorí náà, nínú àpilẹ̀kọ yìí, ‘ṣúgà atọrẹ’ ni a ó máa pè é. ‘Ìtọrẹ’ ni a ó pe pípàdánù ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, ‘ìgbọrẹ’ ni a ó sì pe gbígbà á. A ó fi àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí yanjú ìbéèrè kan: bí àdánwò bá fi hàn pé ṣúgà atọrẹ wà nínú omi kan, ṣé a ti mọ irú ṣúgà tí ó wà níbẹ̀?

Mólékù glukósì ní kábọ̀n mẹ́fà, tí a máa ń ka iye wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nígbà tí mólékù náà bá na tán bí okùn, kábọ̀n kìn-ín-ní rẹ̀ ni ó fi ìdè méjì di ọ́ksíjìn mú, ibẹ̀ gan-an sì ni ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tí ó fi ń tọrẹ ti ń jáde. Ẹ jẹ́ kí a pe ibẹ̀ ní ojú ọrẹ. Ṣùgbọ́n nínú omi, glukósì kì í sábà na. Ó máa ń ká bí òrùka, ojú ọrẹ náà a sì pa dé. Nínú ẹgbẹ̀rún mólékù, kò tó ẹyọ kan tí ó na ní ìṣẹ́jú kan pàtó. Síbẹ̀, òrùka náà lè ṣí, ó sì lè tún padà ká. Bí àwọn tí ó ṣí bá ti tọrẹ tán, àwọn mìíràn yóò ṣí láti dípò wọn, títí gbogbo wọn yóò fi kópa. Nípa èyí, ohun tí ó sọ ṣúgà di atọrẹ ni pé òrùka rẹ̀ lè ṣí.

Súkírósì, tí í ṣe ṣúgà funfun tí à ń rà lọ́jà, ni ó fi èyí hàn jù lọ. Glukósì kan àti frúkítósì kan ni ó so pọ̀ di súkírósì, ṣùgbọ́n ojú ọrẹ ti ọ̀kan ni ó so mọ́ ojú ọrẹ ti èkejì. Kò sí èyí tí ó lè ṣí nínú wọn, nítorí náà súkírósì kì í ṣe atọrẹ.

Àdánwò tí a mọ̀ jù fún ṣúgà atọrẹ ni ti Stanley Benedict, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí ó ṣe àtúnṣe sí èyí tí Hermann von Fehling ti ilẹ̀ Jámánì gbé jáde ní ọdún 1849. Bí a bá fẹ́ po lítà kan omi àdánwò Benedict, a ó yọ́ gíráàmù 173 sódíọ̀mù sítíréètì àti gíráàmù 100 sódíọ̀mù kábónéètì sínú omi gbígbóná. A ó wá yọ́ gíráàmù 17.3 súlíféètì bàbà (CuSO₄·5H₂O) lọ́tọ̀, a ó sì máa dà á sí i díẹ̀díẹ̀. Kábónéètì ni ó sọ omi náà di alikálì. Iṣẹ́ sítíréètì ni láti di ayọ́nù bàbà, Cu²⁺, mú kí ó má bàa rọ̀ sísàlẹ̀ nínú alikálì náà. Bí ayọ́nù yìí bá gbọrẹ ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan, yóò di Cu⁺, èyí tí yóò so mọ́ ọ́ksíjìn di Cu₂O, ẹ̀tù pupa tí ó ń rọ̀ sísàlẹ̀ ìgò.

Ẹ jẹ́ kí a mú ìgò mẹ́ta, kí a da omi àdánwò mílílítà márùn-ún sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí a kán omi glukósì sí ìkíní, frúkítósì sí ìkejì, súkírósì sí ìkẹta, ẹ̀kán mẹ́jọ mẹ́jọ. Kí a gbé wọn sínú omi tí ó ń hó fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìgò glukósì yóò kúrò ní àwọ̀ búlúù, yóò di àwọ̀ ewé, lẹ́yìn náà yóò pọ́n rúsúrúsú, yóò sì pupa bí bíríkì. Bí glukósì bá kéré nínú omi, ó lè má kọjá àwọ̀ ewé. Ti súkírósì yóò dúró ní búlúù. Bí ó bá yí padà díẹ̀, ó ṣeé ṣe kí súkírósì náà má mọ́, tàbí kí díẹ̀ nínú rẹ̀ ti pín.

Ìgò frúkítósì ni ó ń ya akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu. Ojú ọrẹ frúkítósì kò sí ní kábọ̀n kìn-ín-ní. Kábọ̀n kejì ni ó wà, láàárín kábọ̀n méjì mìíràn, irú ojú bẹ́ẹ̀ kì í sì rọrùn láti tọrẹ. A bá retí pé kí ìgò náà dúró ní búlúù. Ṣùgbọ́n yóò pupa, bóyá kí ó tilẹ̀ yára ju ti glukósì lọ. Alikálì inú omi àdánwò ni ó fa èyí. Alikálì a máa yọ haidirójìn kan kúrò lára kábọ̀n kìn-ín-ní, ìdè méjì náà a sì sún wá sí àárín kábọ̀n kìn-ín-ní àti ìkejì. Ohun tí ó wà ní ìpò yìí ń fi ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tọrẹ kíákíá. Ó sì tún lè padà di glukósì tàbí mánósì, ìbátan glukósì tí ó yàtọ̀ sí i ní kábọ̀n kejì nìkan. Ní ọdún 1895 ni Lobry de Bruyn àti Alberda van Ekenstein, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Họ́láńdì, ṣàlàyé ìyípadà yìí, orúkọ wọn ni a sì fi ń pè é títí di òní.

Ẹ̀rí pé alikálì ni ó ṣe é ni pé bí a bá lo ohun tí ń gba ọrẹ láìsí alikálì, ìyàtọ̀ náà yóò hàn. Omi bromíìnì ní àwọ̀ rúsúrúsú, kì í sì í ṣe alikálì. Glukósì yóò ta á lọ́rẹ díẹ̀díẹ̀, àwọ̀ náà yóò sì ṣá. Frúkítósì kò ní lè ṣe é, nítorí kò sí ohun tí yóò sún ìdè rẹ̀ padà.

A lè gba ọ̀nà kejì wo ojú ọrẹ kan náà. Dípò kí ṣúgà tọrẹ, a lè mú kí òun fúnra rẹ̀ gbọrẹ. Ohun tí a sábà fi ń ṣe é ní yàrá àyẹ̀wò ni sódíọ̀mù bóróháídíráìdì, NaBH₄. Bí ojú ọrẹ bá ti gba haidirójìn, ìdè méjì náà yóò di ìdè kan ṣoṣo, ṣúgà yóò sì di álíkọ́ọ̀lù ṣúgà. Orúkọ yìí kò túmọ̀ sí pé ó ń pani bí ọtí. Ìdílé kẹ́míkà tí ó bọ́ sí ni ó fún un ní orúkọ. Glukósì, C₆H₁₂O₆, yóò di sọ́bítọ́ọ̀lù, C₆H₁₄O₆. Ohun kan ṣoṣo ni yóò jáde, nítorí haidirójìn méjì ni ó wà lórí kábọ̀n kìn-ín-ní báyìí, kò sì sí ọ̀tún tàbí òsì tí a lè fi dá wọn mọ̀. Ní ti frúkítósì, kábọ̀n kejì ni ó gbọrẹ. Haidirójìn tuntun náà lè gba ọ̀tún wọlé, ó sì lè gba òsì. Nítorí náà álíkọ́ọ̀lù méjì ni yóò jáde: sọ́bítọ́ọ̀lù àti mánítọ́ọ̀lù. Ohun tí àdánwò bàbà kò lè yà sọ́tọ̀, ìgbọrẹ yà á.

Iṣẹ́ náà kò ṣòro. Gíráàmù kan glukósì nínú mílílítà mẹ́wàá omi tútù ń fẹ́ nǹkan bí gíráàmù 0.05 NaBH₄, nítorí ẹyọ kan rẹ̀ lè ta ẹyọ glukósì mẹ́rin lọ́rẹ. Ṣùgbọ́n omi fúnra rẹ̀ ń jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀, nítorí náà ó dára kí a lo gíráàmù 0.2, kí a sì fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan. Bí ìgbọrẹ bá pé, tí a sì fi omi Benedict dán an wò, yóò dúró ní búlúù, nítorí sọ́bítọ́ọ̀lù kò ní ojú ọrẹ mọ́. Ibí ni àṣìṣe ti máa ń wọlé. NaBH₄ tí ó ṣẹ́ kù pàápàá lè ta bàbà lọ́rẹ, akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì rò pé glukósì ni ó kù. A gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kán ásíìdì àsẹ́tíìkì sí i díẹ̀díẹ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń jáde tí iná kò sì sí, nítorí haidirójìn ni yóò máa hó jáde. Nígbà tí kò bá hó mọ́, kí a fi báíkábónéètì pa ásíìdì náà kí a tó ṣe àdánwò.

Ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀ wá ní ìdáhùn báyìí, ìdáhùn náà sì kan ẹ̀mí ènìyàn. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, omi Benedict ni a fi ń yẹ ìtọ̀ wò fún àrùn àtọ̀gbẹ. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn díẹ̀ wà tí a bí pẹ̀lú àìní ẹ́nsáìmù tí ó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí frúkítósì nínú ẹ̀dọ̀. Bí wọ́n bá jẹ oyin tàbí èso, frúkítósì yóò bá ìtọ̀ wọn jáde. Kò ní ṣe wọ́n ní ibi kankan, ṣùgbọ́n ìgò yóò pupa. Obìnrin tí ó ń fún ọmọ lọ́mú náà lè ní láktósì, tí í ṣe ṣúgà wàrà, nínú ìtọ̀ rẹ̀, láktósì sì jẹ́ atọrẹ. Ẹni tí ó bá ka àwọ̀ pupa sí glukósì lè sọ fún irú àwọn wọ̀nyí pé wọ́n ní àrùn tí wọn kò ní. Ìdí nìyí tí a fi ń lo bébà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ní ẹ́nsáìmù tí kì í dá ṣúgà mìíràn lóhùn yàtọ̀ sí glukósì. Bí ìgò Benedict bá pupa tí bébà yìí kò sì yí àwọ̀ padà, atọrẹ mìíràn ni ó wà níbẹ̀, ó sì yẹ kí a wá a.

Nítorí náà, ohun tí àdánwò bàbà ń sọ kò ju èyí lọ: ẹnìkan ti tọrẹ. Kò dárúkọ olùtọrẹ. Ìwúlò orúkọ tí a yàn ní ìbẹ̀rẹ̀ nìyí pẹ̀lú, nítorí ‘ṣúgà atọrẹ’ ń sọ iṣẹ́ tí ṣúgà ṣe, kò sì jẹ́ kí a rò pé a ti mọ ẹni tí ó jẹ́.