Èsì Tó Pẹ́

Ọ̀rọ̀ tí a kò dáhùn fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún máa ń nira láti ṣí. Bó ṣe ń pẹ́ sí i ni èèyàn ń wá àwáwí tó gùn sí i, àwáwí náà ló sì tún ń dá èsì dúró.

Ká ní ẹ̀gbọ́n bi àbúrò rẹ̀ lórí Wọ́sáàpù bóyá rìsíìtì ilẹ̀ ìdílé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí àbúrò fa ọ̀rọ̀ àtijọ́ náà sí apá ọ̀tún kó tó kọ èsì, kí ìbéèrè lè hàn lókè ìdáhùn; ẹ̀gbọ́n lè ti gbàgbé ohun tó béèrè. Kó wá kọ ọ́ báyìí:

“Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mi ò tètè dá yín lóhùn. Rìsíìtì náà wà lọ́wọ́ mi. Màá fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ lálẹ́ òní.”

Ó tán. Àìsí iná, dátà tó tán, ta ni kò tíì gbọ́ ìyẹn rí? Àìsàn tàbí ọ̀fọ̀ nìkan ló yẹ kéèyàn mẹ́nu bà, ní gbólóhùn kan péré. Ṣùgbọ́n bí alẹ́ bá lẹ́ tí fọ́tò kò dé, ẹ̀bẹ̀ ti bàjẹ́. Ẹ ya fọ́tò náà kí ẹ tó kọ èsì.