Kí Bàbá Dírẹ́bà Tó Gbé Kọ́kọ́rọ́ Sílẹ̀

Ní ọ̀pọ̀ ilé l'Ékòó àti n'Íbàdàn, dírẹ́bà tó bá ti pẹ́ ti di ara ilé. Òun ló ń gbé àwọn ọmọ lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi, òun náà ló sì wakọ̀ ìyàwó lọ́jọ́ tí àkọ́bí wọn relé ọkọ. Nígbà tí ojú rẹ̀ kò bá ríran dáadáa lálẹ́ mọ́, wọn á se àsè, wọn á gbàdúrà, wọn á na àpò ìwé sí i. Ohun tó wà nínú àpò ìwé yẹn ló ń kó mi lọ́kàn sókè.

Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 sọ ọ́ di dandan fún ilé iṣẹ́ aládàáni tó ní òṣìṣẹ́ 15 sókè. Ilé tó ní dírẹ́bà kan àti ọmọ ọ̀dọ̀ kan kò sí lára wọn. Bí ọ̀gá kò bá ṣètò nǹkan kan, ohun tí wọ́n bá fún un lọ́jọ́ náà ni gbogbo èrè ọjọ́ ogbó rẹ̀.

Àwọn ẹbí kan a máa san owó oṣù kan fún ọdún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ká ní dírẹ́bà kan ṣiṣẹ́ fún ọdún 22, tó sì ń gba 80,000 náírà lóṣù báyìí, 1,760,000 náírà ló tọ́ sí i. Owó oṣù ìkẹyìn ni kí ẹ fi ṣírò o! Bó bá jẹ́ 10,000 ló fi bẹ̀rẹ̀, tí ẹ sì fi ìyẹn ṣírò, 220,000 péré ni yóò kó lọ sílé. Kódà, bó bá ń ná mílíọ̀nù kan ààbọ̀ ó lé yẹn bó ṣe ń ná owó oṣù rẹ̀, kò ní pé ọdún méjì tí yóò fi tán. Ìdí nìyí tó fi dára kí ọ̀gá ti máa bá a fi díẹ̀ pamọ́ lóṣooṣù. Láti ọdún 2019 ni ìjọba ti gbé ètò ìfẹ̀yìntì kan kalẹ̀ fún irú wọn.

Àwọn mìíràn ń fi ọkọ̀ ta dírẹ́bà wọn lọ́rẹ. Bí ìwé ọkọ̀ náà bá ṣì wà lórúkọ ọ̀gá, ibi gbogbo tí ọlọ́pàá bá ti dá a dúró ni yóò ti máa ṣàlàyé bó ṣe ní in, kò sì ní rọrùn fún un láti tà á. Kí wọ́n bá a yí ìwé náà sórúkọ ara rẹ̀ kí wọ́n tó fa kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́. Kí wọ́n sì kọ́kọ́ bi í ní kọ̀rọ̀ bóyá ọkọ̀ ló ń fẹ́. Ẹlòmíràn ń kọ́lé lọ́wọ́, ọkọ̀ àgbà tó ń mu epo lè jẹ owó páànù rẹ̀ tán.

Kí owó ti wọ àkáǹtì rẹ̀ ṣáájú ọjọ́ àsè, kí ẹnikẹ́ni má sì kéde iye rẹ̀, torí àwọn tó fẹ́ yá owó kì í pẹ́ dé. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó tọ́ dàgbà ló yẹ kó gba makirofóònù lọ́jọ́ náà. Kí wọ́n pe ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ wá jókòó níwájú, kí wọ́n lè gbọ́ iṣẹ́ tí bàbá wọn ń jáde lọ ṣe láàárọ̀ kùtù kí wọ́n tó jí.