Bí A Ṣe Ń Dá Álámù Dúró, Tí A Sì Ń Tún Un Tàn

Ẹ jẹ́ ká mú aránṣọ kan n'Íbàdàn tó ní álámù méjì lórí fóònù. Ti àárọ̀ ń dún ní aago márùn-ún ààbọ̀, kó lè rìn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó tó lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ti alẹ́ ń dún ní aago mẹ́sàn-án, kó lè kọ owó tó wọlé àti èyí tó jáde sínú ìwé. Ó ti ń ṣe é fún oṣù méjì, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ ọn lára, kí ibà tó gbé e ṣánlẹ̀ lọ́jọ́ Ajé kan. Álámù dún, ó nawọ́ láti orí ibùsùn, ó pa á. Alẹ́ dé, ó tún pa á. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ẹtì, ìka rẹ̀ ti ń pa á kí ojú rẹ̀ tó là. Ara rẹ̀ yá, álámù ò dákẹ́, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ò kà á sí ìpè mọ́.

Ọ̀pọ̀ èèyàn á sọ pé ọjọ́ tó fò ló bà á jẹ́. Lọ́dún 2010, Phillippa Lally àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Lọ́ńdọ̀nù tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn èèyàn 96 tí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ 12 gbìyànjú láti sọ nǹkan kékeré kan di bárakú. Wọ́n rí i pé kéèyàn fo ẹ̀ẹ̀kan ò fi bẹ́ẹ̀ dá a padà sẹ́yìn. Ohun tí mo rí i pé ó léwu jù ni álámù tó ń dún lójoojúmọ́ tí a ò dáhùn, torí pé pípa á gan-an ló ń di bárakú.

Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ibà dé ni kó ti pa álámù méjèèjì fúnra rẹ̀. Kó má pa wọ́n rẹ́ o, kó kàn ti bọ́tìnì wọn ni. Lẹ́yìn náà, kó ṣí Google Calendar, kó fi ọjọ́ Àbámẹ́ta sí i, kó sì kọ ọ́ pé: "Tan álámù alẹ́ padà." Álámù tí a pa láìdá ọjọ́ fún kì í sábà padà. Bí ọjọ́ Àbámẹ́ta bá dé tí ara ò tíì le, kó sún un síwájú, ṣùgbọ́n kó má fi í sílẹ̀ láìní ọjọ́.

Lọ́jọ́ ìpadà, gbèsè ni kò gbọ́dọ̀ san. Tó bá ní òun fẹ́ rántí gbogbo owó tó wọlé láti ọjọ́ Ajé, yóò jókòó ti ìwé náà, yóò sì sú u. Kó fa ìlà sábẹ́ àkọsílẹ̀ tó gbẹ̀yìn, kó kọ "mo ṣàìsàn" síbẹ̀, kó ka owó tó wà nínú dúrọ́ọ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́, kó sì fi iye yẹn bẹ̀rẹ̀ ojú ewé tuntun. Ó parí. Ìrìn àárọ̀ lè dúró di ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, torí pé ara tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ibà ṣì rọ̀. Kó fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá bẹ̀rẹ̀, ní aago márùn-ún ààbọ̀ tó ti mọ̀. Wákàtí náà ni kó dì mú. Gígùn ìrìn á padà bí agbára bá ṣe ń padà.

Ìrìnàjò ní tirẹ̀. Álámù inú Clock ń tẹ̀lé aago ibi tí fóònù bá wà, ṣùgbọ́n ohun tí a kọ sínú Google Calendar sábà máa ń dúró sí aago ilé. Bí aránṣọ wa bá lọ kí ọmọ rẹ̀ ní Niú Yọ́ọ̀kì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, àkọsílẹ̀ aago mẹ́sàn-án alẹ́ Nàìjíríà yóò dún sí i létí ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ó sàn kó so iṣẹ́ náà mọ́ ohun tí kò lè ṣàì ṣe níbi tó bá wà: "Bí mo bá ti wẹ̀ lálẹ́ tán, màá kọ iye tí mo ná." Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Gollwitzer ti ṣe ìwádìí tó pọ̀ lórí irú ìpinnu "bí èyí bá ṣẹlẹ̀, màá ṣe tọ̀hún" yìí, ó sì fi hàn pé ó ń gbéṣẹ́ ju "mo fẹ́ máa ṣe é" lásán lọ.

Báwo la ṣe máa mọ̀ pé àtúnbẹ̀rẹ̀ ò mú? Ẹ wo ọwọ́ yín. Bí ẹ bá ti pa álámù kí ẹ tó ka ohun tí a kọ sójú rẹ̀, ó ti di ariwo lásán. Ẹ má fi òmíràn kún un. Ẹ yí ohùn rẹ̀ padà, ẹ sún un síwájú tàbí sẹ́yìn pẹ̀lú ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí etí lè tún jí sí i.

Àmọ́ o, álámù oògùn ò sí lára àwọn tí mo ní kí ẹ pa. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti ìtọ̀ ṣúgà kò gbọ́dọ̀ dá a dúró nítorí ìrìnàjò tàbí ọ̀sẹ̀ tó dàrú, bí àìsàn mìíràn bá sì wọlé, dókítà ni kó sọ ohun tí yóò ṣe. Bí ẹ bá gbàgbé ẹ̀ẹ̀kan, ẹ má lò ó ní ìlọ́po méjì láti fi dí i. Ẹ bi apoògùn yín léèrè.