Máàpù Tí Gbogbo Ìpàdé Lè Kà

Máàpù tí wọ́n tẹ̀ sórí bébà fún ìpàdé àdúgbò kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tó wà lórí fóònù. Kò sí ẹni tó lè fi ìka fẹ̀ ẹ́, èèyàn mẹ́wàá sì lè yí i ká lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí ìpàdé fẹ́ mọ̀ ló yẹ kó pinnu ohun tó máa wà lórí rẹ̀. Ká ní àwọn lánlọ́ọ̀dù àdúgbò kan létí odò Ògùnpa n'Ìbàdàn fẹ́ mọ àwọn ilé tí kò jìnnà sódò ju 30 mítà lọ. Odò, afárá, gọ́tà, títì, ilé, àti ibi tí tọmọdé tàgbà mọ̀, bí ọjà, mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì, ló yẹ kó hàn. Òpó iná kò níṣẹ́ níbẹ̀.

Bí ilẹ̀ náà ṣe tóbi tó àti bí bébà ṣe tóbi tó ló ń sọ ìwọ̀n máàpù. Bí àdúgbò náà bá gùn tó 1,200 mítà, tó sì fẹ̀ tó 800, bébà A1, tó gùn tó sẹ̀ntímítà 84, tó sì fẹ̀ tó 59, máa gbà á ní ìwọ̀n 1:2,000. Ìyẹn ni pé sẹ̀ntímítà kan lórí bébà dúró fún 20 mítà lórí ilẹ̀. Àwòrán náà á gùn ní sẹ̀ntímítà 60, á fẹ̀ ní 40. Àyè tó ṣẹ́ kù á gba àkọlé, àlàyé àmì àti ọjọ́ tí wọ́n ya á. Ọgbọ̀n mítà tí wọ́n ń wá á wá jẹ́ sẹ̀ntímítà kan ààbọ̀, ojú á sì rí i kedere.

Ọ̀pá ìwọ̀n ni ìlà tí wọ́n pín sí ọgbọọgba, tí wọ́n sì kọ iye mítà sí. Lórí máàpù yìí, ọ̀pá 200 mítà á gùn ní sẹ̀ntímítà 10, a ó sì pín in sọ́nà mẹ́rin, 50 mítà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pá yìí ṣe é gbára lé ju nọ́ńbà 1:2,000 lọ. Bí ẹnì kan bá ṣe fọ́tòkọ́pì máàpù náà sórí A3, gbogbo gígùn á di ìdajì, nọ́ńbà á di irọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pá ti kéré pẹ̀lú àwòrán, òótọ́ ló ṣì ń sọ. Ẹni tó fẹ́ mọ bí ilé rẹ̀ ṣe jìnnà sódò á sàmì sí etí bébà pélébé kan láti ilé dé odò, á wá gbé e lé ọ̀pá. Pírintà náà a máa dín máàpù kù láìsọ fẹ́nì kan, bí wọ́n bá fi í sí "Fit to page" dípò "Actual size". Rúlà ló ń tú u fó: bí ọ̀pá náà bá wọn sẹ̀ntímítà 9.6 dípò 10, pírintà ti dín in kù.

Ọfà àríwá kò gbọdọ̀ tóbi jù. Igun kan nítòsí ọ̀pá ìwọ̀n tó o. Bí wọ́n bá yí àwòrán kí odò lè gba òró bébà, ọfà náà gbọ́dọ̀ yí pẹ̀lú rẹ̀. Ibí yìí ni àṣìṣe ti ń wọlé nígbà tí wọ́n bá kàn fi ọwọ́ lẹ ọfà mọ́ ọn. Níbi ìpàdé, kí wọ́n tẹ́ máàpù sórí tábìlì, kí wọ́n sì yí i títí ọfà á fi kọjú síbi tí àríwá wà. Ẹni tó bá dojú kọ ìwọ̀-oòrùn ní àríwá lápá ọ̀tún.

Orúkọ ló ń le jù nínú iṣẹ́ náà. Kí gíga lẹ́tà tó ìdá kan nínú igba jíjìn òǹkàwé: ẹni tó dúró ní mítà méjì nílò lẹ́tà ńlá tó ga ní sẹ̀ntímítà kan, ìyẹn nǹkan bíi 40 ní nọ́ńbà lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà. Ti àkọlé àti àwọn ibi táyé mọ̀ nìyẹn. Orúkọ àwọn títì kéékèèké lè jẹ́ 12, nítorí ẹni tó bá sún mọ́ ọn ló máa kà á. Kí orúkọ títì tẹ̀ lé títì, kí ti odò jẹ́ aláwọ̀ búlúù, kó sì wọ́ bí odò ṣe wọ́. Kí ọ̀kankan má dojú délẹ̀. Bí orúkọ bá bọ́ sórí ìlà, etí funfun tẹ́ẹ́rẹ́ yí lẹ́tà ká ni kò ní jẹ́ kó rì. Àwọn lẹ́tà kan kì í gba àmì ohùn Yorùbá: "ẹ̀" tàbí "ọ́" lè di àpótí òfìfo, tàbí kí àmì fò sórí lẹ́tà kejì. Noto Sans àti Charis SIL gbà wọ́n. Kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ igun kan jáde lórí A4 láti yẹ̀ ẹ́ wò.

Ó níbi tí agbára máàpù yìí mọ. Ìlà tó nípọn ní mìlímítà kan ti bo mítà méjì ilẹ̀. Ilé tí ìlà 30 mítà bá gba orí rẹ̀ kọjá, máàpù kò lè dájọ́ rẹ̀. Awọnlẹ̀ ló máa lọ wọ̀n ọ́n. Ó yẹ kí wọ́n kọ ìyẹn sísàlẹ̀ máàpù, pẹ̀lú ibi tí wọ́n ti rí àwòrán ilẹ̀ náà. Bó bá jẹ́ ti OpenStreetMap, "© OpenStreetMap contributors" ni wọ́n máa kọ síbẹ̀.