Bí a Ṣe Lè Yọ Korobá Kúrò Nínú Fótò Kékeré Láì Ba Àwòrán Màmá Jẹ́

Nínú ọ̀pọ̀ ilé, fótò kan ṣoṣo ló kù tí a fi ń rántí ẹni tó ti lọ. Fóònù àtijọ́ ni wọ́n fi yà á. Ó ti gba orí WhatsApp kọjá láti ọwọ́ ẹ̀gbọ́n sí ọwọ́ àbúrò lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì ti kéré débi pé bí a bá fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù, ṣe ni ojú ẹni náà máa ń fọ́ sí onígun mẹ́rin-mẹ́rin. Nígbà tí ọjọ́ ìrántí bá wá kù sí dẹ̀dẹ̀, tí a fẹ́ tẹ fótò náà sínú ìwé ètò, ìgbà náà ni a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé korobá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ màmá. Áàpù ọ̀fẹ́ lè bá wa yọ korobá náà kúrò. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin òǹkàwé wa, fótò kékeré ní ìlànà tirẹ̀, òun ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ kí a mú irú fótò bẹ́ẹ̀ kan. Màmá jókòó sórí àga níwájú ògiri tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́. Iyanrìn ni ilẹ̀ ibẹ̀. Korobá ike aláwọ̀ búlúù wà lápá ọ̀tún, etí rẹ̀ sì kan ìṣẹ́tí ìró màmá. Fótò náà fẹ̀ ní píksẹ́lì 480, ó sì ga ní píksẹ́lì 640. Píksẹ́lì ni àwọn ẹyọ àwọ̀ kéékèèké tí a tò pọ̀ tó fi di àwòrán. Gbogbo èyí tó wà nínú fótò yìí kò ju 307,200 lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ fóònù òde òní ń to mílíọ̀nù 12 sínú fótò kan.

Kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wá ojúlówó fótò náà. Bí a bá fi fótò ránṣẹ́ lórí WhatsApp ní ọ̀nà tí gbogbo ayé ń gbà, WhatsApp a máa dín in kù kó tó gbé e lọ. Nítorí náà, ẹ bẹ ẹni tó ya fótò náà gan-an pé kó fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí Document. Bó ṣe wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni yóò ṣe dé ọwọ́ yín. Ẹni tí wọ́n ti fi èyí tó kéré ránṣẹ́ sí kò lè sọ ọ́ di ńlá padà. Bí a kò bá rí ojúlówó mọ́, a jẹ́ pé èyí tó wà lọ́wọ́ la ó lò.

Áàpù tí a ó lò ni Snapseed, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ṣí fótò náà sínú rẹ̀, ẹ tẹ Tools, kí ẹ sì mú Healing. Ibi tí ẹ bá fi ìka kùn yóò pọ́n. Bí ẹ bá ti gbé ìka kúrò, áàpù náà yóò mú nínú ohun tó wà nítòsí, yóò fi dí ibẹ̀. Kò mọ ohun tó wà lẹ́yìn korobá. Bí aránṣọ tó gé aṣọ lára aṣọ láti fi lẹ ihò ló ń ṣe, bí ohun tó wà nítòsí bá sì ti bàjẹ́, àbùlẹ̀ náà yóò bàjẹ́.

Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ fẹ fótò náà sójú fóònù kí a tó kùn ún. Bí a kò bá fẹ̀ ẹ́, ìka kan ṣoṣo yóò bo korobá, ìró àti ẹsẹ̀ màmá lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́ títí korobá yóò fi gba bí ìdajì ojú fóònù.

Ohun tó sábà máa ń da iṣẹ́ yìí rú ni òjìji àwọ̀. Nígbà tí fóònù bá ń fi fótò pamọ́ ní JPEG, ó máa ń pín in sí onígun mẹ́rin kéékèèké tí píksẹ́lì 8 wà ní ìbú àti òró wọn, yóò sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan pọ̀ kó lè kéré. Nípa bẹ́ẹ̀, àwọ̀ búlúù ara korobá a máa rùn sára iyanrìn àti ògiri tó yí i ká. Nínú fótò ńlá, ojú kò lè rí i. Ṣùgbọ́n korobá tiwa kò fẹ̀ ju píksẹ́lì 60 lọ, píksẹ́lì 8 sì ju ìdá mẹ́wàá rẹ̀ lọ. Bí a bá kùn ún ní ìwọ̀n ara korobá gẹ́lẹ́, kurukuru búlúù tó dà bíi korobá yóò ṣẹ́ kù síbẹ̀, nínú kurukuru yìí gan-an ni áàpù yóò sì ti mú àwọ̀ tí yóò fi dí ihò náà. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí kíkùn yín kọjá etí korobá díẹ̀, ní nǹkan bí ìdá mẹ́jọ ìbú rẹ̀, kí ẹ sì kùn òjìji rẹ̀ tó wà nílẹ̀ pẹ̀lú.

Ọ̀dọ̀ ìró nìkan ni a kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ di ìkẹyìn. Ẹ kọ́kọ́ kùn apá òkè tó kọjú sí ògiri, lẹ́yìn náà apá ìsàlẹ̀ tó wà lórí iyanrìn. Ìlà ibi tí ògiri ti pàdé ilẹ̀ lè wá wọ́ tàbí kó já. Ẹ fa ìka kúkúrú gba orí ìlà náà, láti ibi tó ti dára lọ sí ibi tó ti já. Nígbà tí ó bá ku ìṣẹ́tí ìró, ẹ túbọ̀ fẹ fótò náà sí i, kí ẹ máa fi ìka kàn án díẹ̀díẹ̀. Bí àwọ̀ ìró bá fò sórí iyanrìn, ẹ tẹ ọfà tó ń dá iṣẹ́ padà sẹ́yìn, kí ẹ tún un ṣe. Ẹ má kùn ún léraléra, nítorí àbùlẹ̀ lórí àbùlẹ̀ ni yóò dà, ibẹ̀ yóò sì ṣe bọ́rọ́bọ́rọ́. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Báwo la ó ṣe mọ̀ pé ó ti dára? Ẹ dín fótò náà kù sí ìwọ̀n tí ẹ fẹ́ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ wò ó. Bí ẹ bá rí òkúta kan náà ní ibi méjì, tàbí ibì kan tó ń dán láàárín iyanrìn tó rí wóróworó, àbùlẹ̀ náà hàn nìyẹn. Ẹ padà síbẹ̀, kí ẹ fi ìka kàn án lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà tí fífẹ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́.

Ó ní ibi tí agbára áàpù yìí mọ. Bí ó bá jẹ́ pé ọwọ́ tàbí ojú màmá ni korobá bò, kò lè mọ bí ọwọ́ náà ti rí. Ó sàn kí a fi Crop gé etí fótò náà kúrò ju kí a ṣe ọwọ́ tí kì í ṣe ti màmá fún un. Ẹ sì má ṣe mú kí fótò náà mú hanhan, ẹ má sì sọ ọ́ di ńlá, kí korobá tó kúrò, nítorí kurukuru búlúù yẹn náà yóò mú hanhan pẹ̀lú rẹ̀.

Bí gbogbo rẹ̀ bá ti parí, ẹ lo Export lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ fi í pamọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀dà tuntun, nítorí gbogbo ìgbà tí a bá tún JPEG fi pamọ́ ni ó ń pàdánù nǹkan. Ẹ fi ẹ̀dà náà ránṣẹ́ sí atẹ̀wé gẹ́gẹ́ bí Document. Bí atẹ̀wé bá to píksẹ́lì 150 sí íńṣì kan, fótò wa yóò fẹ̀ ní íńṣì 3.2, yóò sì ga ní íńṣì mẹ́rin ó lé díẹ̀. Ìwọ̀n yìí tó fún inú ìwé ètò, ṣùgbọ́n kò tó fún bánà tí a ó gbé kọ́ ẹnu ọ̀nà. Kí ẹ sì fi fótò àkọ́kọ́ pamọ́ pẹ̀lú korobá inú rẹ̀, nítorí òun nìkan ni ẹ̀rí bí àgbàlá màmá ti rí lọ́jọ́ tí wọ́n yà á.