Owó Oṣù Ìkẹyìn Tàbí Ọdún Tí Owó Ga Jù: Ọ̀nà Méjì Tí Wọ́n Fi Ń Ṣírò Owó Ìfẹ̀yìntì

Nǹkan mẹ́ta ni ìṣirò owó ìfẹ̀yìntì àtijọ́ dúró lé lórí: iye ọdún tí òṣìṣẹ́ fi sìn, ìdá tí òfin fún un lórí ọdún kọ̀ọ̀kan, àti owó oṣù tí wọ́n máa mú ìdá náà nínú rẹ̀. Méjì àkọ́kọ́ kì í ní ìruju. Ẹ̀kẹta ni iṣẹ́ wà, torí ẹni tó bá ṣiṣẹ́ fún ọgbọ̀n ọdún ti gba oríṣiríṣi owó oṣù, òfin sì ní láti sọ èyí tí wọ́n máa lò. Àwọn ètò kan mú èyí tó gbà kẹ́yìn. Àwọn mìíràn wá ìwọ̀nba ọdún tí owó rẹ̀ ga jù, wọ́n ro owó àwọn ọdún náà pọ̀, wọ́n sì pín in dọ́gba kí wọ́n tó mú ìdá.

Ìyàtọ̀ méjèèjì hàn gbangba nínú iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti yí owó tí wọ́n ń lò padà láìfọwọ́ kan ìdá. Ọmọ ogun tó wọṣẹ́ ṣáájú ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1980 ń gba ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù ìkẹyìn rẹ̀ fún ọdún kọ̀ọ̀kan tó fi sìn. Ẹni tó lo ogún ọdún ń gba ìdajì. Àwọn tó wọlé láti ọjọ́ náà bọ́ sí abẹ́ òfin mìíràn: oṣù 36 tí owó wọn ga jù ni wọ́n ń kà, wọ́n á ro ó pọ̀, wọ́n á pín in sí 36. Láti ọdún 2018 ni ìdá fún àwọn tó ń wọṣẹ́ ti lọ sílẹ̀ sí 2, ṣùgbọ́n oṣù 36 ṣì ni wọ́n ń lò. Owó oṣù gangan nìkan ni wọ́n sì ń kà. Owó ilé àti owó oúnjẹ kò sí níbẹ̀, bó ti wù kí ó pọ̀ tó.

Ká fi àpẹẹrẹ kan wò ó. Sájẹ́ńtì kan sìn fún ogún ọdún. Ní ọdún méjì tó ṣáájú ọdún ìkẹyìn, 4,000 dọ́là ló ń gbà lóṣù. Ní ọdún tó kẹ́yìn, wọ́n gbé e ga, owó rẹ̀ di 5,000. Bí ó bá jẹ́ owó oṣù ìkẹyìn ni wọ́n ń lò, ìdajì 5,000 ni yóò máa gbà, ìyẹn 2,500 lóṣù. Bí ó bá jẹ́ oṣù 36, oṣù 24 ní 4,000 jẹ́ 96,000, oṣù 12 ní 5,000 jẹ́ 60,000. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 156,000. Bí a bá pín in sí 36, ó di nǹkan bí 4,333, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí 2,167. Iṣẹ́ kan náà ni, ọdún kan náà ni, ṣùgbọ́n ó fi 333 dọ́là dín lóṣooṣù títí ayé.

Ohun tó fà á ni pé nínú ìṣirò owó ìkẹyìn, ìgbéga kan ṣoṣo máa ń padà lọ sọ gbogbo ọdún tó ti kọjá di ọ̀wọ́n. Sájẹ́ńtì yìí fi ọdún mọ́kàndínlógún ṣiṣẹ́ nígbà tí owó rẹ̀ kò tó 5,000, síbẹ̀ wọ́n san ọdún wọ̀nyẹn fún un bí ẹni pé 5,000 ló ń gbà láti ọjọ́ tó ti wọṣẹ́. Ìdí nìyí tí ọ̀gá kan fi lè gbé ọmọ abẹ́ rẹ̀ ga nígbà tó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì, kí owó ìfẹ̀yìntì sì fò sókè láìjẹ́ pé ọ̀gá náà ná kọ́bọ̀ kan nínú àpò ara rẹ̀. Lábẹ́ ètò ọdún mẹ́ta, irú oore bẹ́ẹ̀ ní láti ṣẹlẹ̀ ní ọdún mẹ́ta ṣáájú kó tó wúlò tán.

Owó ìkẹyìn náà ni òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà lò kí òfin ọdún 2004 tó dé. Ẹni tó fi ọdún 35 sìn ń gba ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó gbà kẹ́yìn. Lónìí, owó tí òṣìṣẹ́ àti ìjọba jọ ń dá sí àkáǹtì rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò jẹ, ìgbéga ìkẹyìn kò sì lè yí ohun tó ti wọlé padà.

Ọ̀wọ́ngógó tún ń dá sí ọ̀rọ̀ yìí, kódà níbi tí kò ti sí ìgbéga rárá. Bí owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ bá ń fi ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún gòkè lọ́dọọdún nítorí ọjà tó wọ́n, ẹni tó gba 100,000 náírà yóò gba 120,000 lọ́dún kejì, yóò sì gba 144,000 lọ́dún kẹta. Tí a bá pín ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dọ́gba, nǹkan bí 121,333 ni. Òṣìṣẹ́ náà ti pàdánù nǹkan bí ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún kó tó fẹ̀yìn tì, bẹ́ẹ̀ owó rẹ̀ kò ra ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Níbi tí owó ti ń gòkè ní ìdá 4, àdánù náà kò tó ìdá 4. Ètò ọdún tó ga jù tí kò sọ owó àtijọ́ di iye òde òní kò le jù nílùú tí ọjà dúró. Nílùú tí ọjà ń fò, ó le gan-an.

Ètò ìfẹ̀yìntì ìlera ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì Yorùbá wà nínú rẹ̀, wá ojútùú sí i. Abala tó bẹ̀rẹ̀ ní 2008 ń wo ọdún mẹ́wàá tó kẹ́yìn, ó ń mú ọdún mẹ́ta tó tẹ̀ léra tí owó wọn ga jù, ó sì ń gbé owó náà sókè bí ọjà ṣe gòkè kó tó pín in. Ìdá kan nínú 60 ni ó ń san fún ọdún kọ̀ọ̀kan.

Ibi tí ọdún tó ga jù ti borí owó ìkẹyìn nìyí. Nọ́ọ̀sì kan fi ọgbọ̀n ọdún ṣiṣẹ́. Ó jẹ́ ọ̀gá wọ́ọ̀dù, 42,000 pọ́n-ùn ló ń gbà lọ́dún, ẹ̀yìn wá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ó fi ipò sílẹ̀, ó gba iṣẹ́ tó rọrùn ní 36,000, ó sì fi ọdún márùn-ún tó kẹ́yìn ṣe é. Ọgbọ̀n nínú 60 jẹ́ ìdajì. Owó ìkẹyìn ì bá fún un ní 18,000 lọ́dún. Ọdún mẹ́ta tó ga jù fún un ní 21,000, ká má tíì fi àfikún ọ̀wọ́ngógó sí i. Ẹni tó bá mọ̀ pé owó ìkẹyìn ni wọ́n máa lò kò ní gbà láti sọ̀kalẹ̀, ó lè sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ tàbí kó fi ara ríro jókòó sípò. Ṣùgbọ́n ààlà wà: bí nọ́ọ̀sì yìí bá ti sọ̀kalẹ̀ ní ọdún mẹ́tàlá sẹ́yìn, 42,000 rẹ̀ ti bọ́ sí ìta ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ń wò. Bí ó bá sì jẹ́ pé wákàtí iṣẹ́ ló dín kù, tí ipò rẹ̀ kò yí padà, owó ẹni tó ń ṣe odidi wákàtí ni wọ́n ṣì ń kà. Iye ọdún tó fi sìn ni wọ́n máa ń dín kù.

Láti ọdún 2015 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ètò mìíràn tí kì í ṣa ọdún kankan: gbogbo ọdún ni wọ́n ń kà, ìdá kan nínú 54 owó ọdún kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kọ sílẹ̀, wọ́n á sì máa gbé e sókè lọ́dọọdún. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin ọdún 2022, gbogbo àwọn tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ bọ́ sínú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ti wà ní abala 2008 tẹ́lẹ̀ yóò wá ní ìṣirò méjì, àti ti àtijọ́ àti ti tuntun. Fún ti àtijọ́, kì í ṣe owó tó ń gbà ní 2022 ni wọ́n máa lò. Níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti kúrò níbi iṣẹ́ ju ọdún márùn-ún lọ, ọdún mẹ́wàá tó ṣáájú ọjọ́ tó fẹ̀yìn tì gan-an ni wọ́n máa yẹ̀ wò.